Ọkọ̀ 4, ilẹ̀ ẹsẹ̀ 50 sí 100, àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí kò ní ha ikùn ọkọ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Mo ní ilẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100 ní Ìbàdàn, mo fẹ́ kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà kan tí ayálégbé mẹ́ta yóò bá mi gbé. Ilẹ̀ náà fi ẹsẹ̀ 4 ga ju títì àdúgbò lọ, títì ọ̀hún kò sì fẹ̀ ju mítà 5. Bíríkìlà mi ní ká fi ẹsẹ̀ 20 sílẹ̀ níwájú, ká ṣe géètì ẹsẹ̀ 10, ká da kọnkéré gòkè tààrà láti gọ́tà dé iwájú ilé. Háílọ́ọ̀sì ni mo ń wà. Ṣé ọkọ̀ 4 á wọ̀ ọ́? A ò tíì gbẹ́ ìpìlẹ̀.

Ìdáhùn: Ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ìpìlẹ̀ yẹn ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ọkọ̀ 4 á wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀ fún yín yẹn. Ilé ní láti sún sẹ́yìn, géètì ní láti fẹ̀ sí i, àgbàlá níwájú sì ní láti rẹlẹ̀ ju bí ilẹ̀ ṣe wà lọ. Tí ìpìlẹ̀ bá ti wọlẹ̀, kò sí èyí tí ẹ lè ṣe mọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìná owó gọbọi.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni n ó ti bẹ̀rẹ̀, torí òun ló ń sọ bí ilé yóò ṣe jìnnà sí fẹ́ǹsì. Ẹsẹ̀ 4 tó nǹkan bíi mítà 1.2. Tí a bá yọ sísanra bùlọ́ọ̀kù fẹ́ǹsì kúrò nínú ẹsẹ̀ 20, mítà 5.9 péré ló kù. Ọkọ̀ yóò wá máa gun mítà 1 sókè nínú gbogbo mítà 5 tó bá rìn. Kò jọ nǹkan bàbàrà lójú, ẹ́ńjìnnì náà á sì gbé e. Abẹ́ ọkọ̀ ni wàhálà wà.

Ẹ fọkàn yàwòrán Kámírì tó ń gòkè ibẹ̀. Táyà iwájú ti débi tó tẹ́jú lókè, tẹ̀yìn ṣì wà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ibi tí ilẹ̀ ti ṣẹ́ wá bọ́ sábẹ́ àárín ọkọ̀ gẹ́lẹ́, ó ń yọ gongo sí i níkùn. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bó ṣe máa yọ tó, ẹ wọn gígùn láti àárín táyà iwájú dé àárín táyà ẹ̀yìn, ẹ pín in sí 4, kí ẹ wá mú ìdá kan nínú márùn-ún èyí tó bá kù, nítorí pé 1 nínú 5 ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yín. Mítà 2.78 ni ti Kámírì bíi ti ọdún 2008. Ìdá mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ 0.695, ìdá márùn-ún ìyẹn jẹ́ 0.139. Sẹ̀ǹtímítà 14 nìyẹn. Àlàfo tó wà lábẹ́ Kámírì náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 14 lọ nígbà tí kò sí ẹnì kankan nínú rẹ̀. Ẹ wá kó èèyàn márùn-ún sí i, ẹ kó ẹrù ọjà Bódìjà sí búùtù, sípíríǹgì á wálẹ̀, àlàfo náà lè má ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ. Ariwo "kàràrà" tí a máa ń gbọ́ ní ẹnu géètì àwọn èèyàn láràárọ̀ nìyẹn. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ilé tó ní àìsàn yìí, ẹ wo góńgó gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀: ẹ óò rí ìlà dúdú tí páìpù èéfín ti ha síbẹ̀ lórí kọnkéré.

Tí a bá wá ka ìṣirò yẹn padà láti ẹ̀yìn, sẹ̀ǹtímítà 10 kò lè gba ìṣẹ́po ilẹ̀ tó le ju 1 nínú 7 lọ. Ìdí nìyí tí èmi kì í fi jẹ́ kí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilé gbígbé le ju 1 nínú 8 lọ láìfi ìpele tó rọ̀ sí òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìpele bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ́ ìdajì líle gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gan-an, gígùn rẹ̀ á sì tó mítà 2 sí 3, kí ọkọ̀ lè fi díẹ̀díẹ̀ yí ara padà. Tí a bá fi èyí tún ti bíríkìlà yín ṣe, mítà 2.5 ní 1 nínú 10 nísàlẹ̀, mítà 2.5 míì lókè, àárín wọn ni mítà 3.5 ní 1 nínú 5. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 8.5, ẹ ò sì tíì rí ibi tó tẹ́jú kan tí ẹ máa gbé ọkọ̀ kankan sí.

Nítorí náà, èmi ò ní gbé ọkọ̀ gun òkè yẹn rárá. Èèyàn ni n ó jẹ́ kó gùn ún. Àtẹ̀gùn méje tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga tó sẹ̀ǹtímítà 15 á gbé èèyàn gun mítà 1 sókè, kò sì ní gbà ju nǹkan bíi mítà 2 ilẹ̀ lọ. Ọkọ̀ á nílò mítà 8 fún gíga kan náà. Ẹ gé àgbàlá iwájú wálẹ̀, ẹ jẹ́ kí ilé wà lókè níbi tí ilẹ̀ wà, kí ẹ sì kó erùpẹ̀ tí ẹ bá gbẹ́ lọ fi kún abẹ́ ilẹ̀ ilé, bí erùpẹ̀ náà bá dára tí wọ́n sì lù ú dáadáa.

Ó ku bí ọkọ̀ yóò ṣe dúró. Àyè ọkọ̀ kan tí mo máa ń yà jẹ́ mítà 2.5 ní fífẹ̀ àti mítà 5 ní gígùn. Fífẹ̀ yẹn kì í ṣe ti ara ọkọ̀, torí Kámírì kò ju mítà 1.8 lọ, ilẹ̀kùn tí ẹ máa ṣí ló ni ìyókù. Ìdí rẹ̀ nìyí tí àyè tó bá fara ti ògiri fi ní láti fẹ̀ sí i, ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 30, torí ògiri kò ní ilẹ̀kùn tí ẹ lè yá lò. Lẹ́yìn àwọn àyè tó dojú kọ ilé, ẹ nílò mítà 6 tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀, kí ọkọ̀ lè ríbáàsì jáde kó sì yí. Ẹ kò lè rí mítà 5 àti 6 nínú mítà 5.9. Ibi tí àwòrán bíríkìlà ti kọ́kọ́ fọ́ nìyẹn, ká tó sọ ti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Gígùn ilẹ̀ yín, láàárín fẹ́ǹsì iwájú àti tẹ̀yìn, jẹ́ nǹkan bíi mítà 30. Ẹ fi mítà 3 sílẹ̀ lẹ́yìn fún sọkawéè àti ohun tó bá tún kù, ẹ fún ilé ní mítà 14, mítà 13 á kù sí iwájú. Nínú 13 yẹn, mítà 1 á wà lẹ́bàá ògiri ilé fún òdòdó àti ìrìn ẹsẹ̀, mítà 5 fún àwọn àyè ọkọ̀, mítà 7 fún ìyípo. Mo fi mítà 1 kún 6 torí pé àgbàlá yín kò ní ọ̀nà àbájáde méjì. Ibì kan náà ni gbogbo ọkọ̀ á gbà wọlé tí wọ́n á sì gbà jáde.

Ní ìbú, mítà 14.8 lẹ ní láàárín fẹ́ǹsì ọ̀tún àti tòsì. Ká ní ẹ dúró ní títì tí ẹ kọjú sí ilé. Ẹ fi géètì sí ọwọ́ ọ̀tún pátápátá, kí ọ̀nà tó fẹ̀ tó mítà 4.5 máa lọ tààrà láti géètì sí ẹ̀gbẹ́ ilé. Lẹ́yìn náà ni àtẹ̀gùn, mítà 1.8. Lẹ́yìn àtẹ̀gùn ni àyè ọkọ̀ mẹ́ta, mítà 7.5. Mítà 1 tó kù lápá òsì, ẹ má gbé nǹkan kan síbẹ̀, ẹ má gbin igi, ẹ má gbé jẹnẹrétọ̀ sí i. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹni tó wà ní àyè ìkẹyìn máa ń fi ìdí ọkọ̀ yà sí òsì nígbà tó bá ń ríbáàsì, kí iwájú rẹ̀ lè kọjú sí ọ̀nà géètì. Bí ògiri bá wà níbẹ̀ gẹ́lẹ́, kò ní lè yí. Pẹ̀lú mítà 1 yẹn náà, yóò ṣì lọ síwá sẹ́yìn ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Kòrólà ni kí ẹ fún ní àyè yẹn.

Ọkọ̀ mẹ́ta ti wọlé. Ẹ̀kẹrin, tó jẹ́ Háílọ́ọ̀sì yín, kò yẹ kó wà láàárín wọn rárá, torí gígùn rẹ̀ tó mítà 5.3, ìdí rẹ̀ á yọ sí ibi ìyípo àwọn yòókù. Ẹ̀gbẹ́ ilé lápá ọ̀tún ni kó máa sùn. Ẹ fi mítà 3 sílẹ̀ níbẹ̀. Tí ẹ bá wọlé, ẹ ya sí òsì sínú àgbàlá, kí ẹ wá ríbáàsì sí ẹ̀gbẹ́ ilé. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, tààrà lẹ máa jáde. Onílé ló yẹ kó gba ibẹ̀, torí bí tàǹkà omi tàbí ọkọ̀ tó ń fa sọkawéè bá dé, ọkọ̀ yín nìkan ló máa kúrò lọ́nà. Ẹ kò ní máa kan ilẹ̀kùn ayálégbé kiri.

Ẹ jẹ́ ká dé orí géètì. Ìwé ọkọ̀ máa ń kọ ọ́ pé òbìrìkítí ìyípo Kámírì jẹ́ mítà 11, ti Háílọ́ọ̀sì sì lé díẹ̀ ní mítà 12. Àṣìṣe méjì ló wọ́pọ̀ lórí iye yìí. Àwọn kan rò pé láti àárín òbìrìkítí dé etí rẹ̀ ni, kí wọ́n tó wá bẹ̀rẹ̀ sí wá mítà 22. Rárá o, láti etí kan sí èkejì ni. Àwọn míì rò pé gbogbo ara ọkọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ipa táyà nìkan ni wọ́n sábà máa ń wọ̀n. Bọ́ńpà iwájú máa ń jáde kọjá ipa táyà, ó sì lè fi ju idaji mítà lọ.

Ohun tó kan géètì yín gan-an ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín ìyípo yẹn. Táyà ẹ̀yìn kì í tẹ ibi tí tiwájú tẹ̀. Ó máa ń gé kọ́nà. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ fún Kámírì tó gé ọwọ́ dé òpin: igun bọ́ńpà tó wà lóde ń rìn ní nǹkan bíi mítà 6.1 sí àárín òbìrìkítí, ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tó wà nínú sì ń rìn ní mítà 3 àti díẹ̀. Ẹ yọ ọ̀kan nínú èkejì. Ọkọ̀ tí kò fẹ̀ ju mítà 1.8 ń gba nǹkan bíi mítà 3.1 nígbà tó bá ń yí. Géètì ẹsẹ̀ 10 jẹ́ mítà 3.05 kí wọ́n tó fi ínjìsì sí i, kí wọ́n tó rẹ́ òpó. Tí ẹ bá mú ìyẹn kúrò, mítà 2.9 ló kù.

Bí títì yín bá fẹ̀ tó mítà 9, èmi náà ì bá ní kí ẹ ṣe géètì ẹsẹ̀ 10, torí ọkọ̀ á ti parí yíyí kó tó dé ẹnu òpó, á sì gba ibẹ̀ kọjá tààrà. Títì mítà 5 kò fún yín ní àyè yẹn, pàápàá bí aládùúgbò bá gbé ọkọ̀ sí òdìkejì. Ọkọ̀ yóò ṣì máa yí lọ́wọ́ nígbà tó bá ń kọjá láàárín òpó méjèèjì. Bákan náà ló ṣe máa rí nígbà tó bá ń jáde, torí láti àgbàlá ni àwọn ayálégbé á ti máa yà sínú géètì. Nítorí náà, mítà 4.2 ni kí ẹ ṣe, nǹkan bí ẹsẹ̀ 14, kó jẹ́ àlàfo gidi láti etí òpó tí wọ́n ti rẹ́ dé etí èkejì. Típà tó kó yẹ̀pẹ̀ wá, tó fẹ̀ tó mítà 2.5, á fi ara balẹ̀ wọlé. Èmi náà ti kọsẹ̀ lórí èyí rí. Ní ilé kan tí mo yàwòrán rẹ̀ ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, mo kọ mítà 3 sí àwòrán, mi ò kọ ọ́ pé àlàfo ni. Mítà 3 ni wọ́n fi sí láàárín ọkàn òpó méjèèjì. Títí dòní, tàǹkà omi ń dúró sí títì, wọ́n ń na róbà wọlé.

Ibi tí wọ́n sábà máa ń gbàgbé ni pẹpẹ kọnkéré orí gọ́tà. Bí géètì bá fẹ̀ tó mítà 4.2, pẹpẹ gọ́tà ní láti fẹ̀ tó mítà 6, nítorí táyà ẹ̀yìn tó ń gé kọ́nà yẹn. Pẹpẹ tó bá ṣe déédéé pẹ̀lú géètì ni ẹ máa ń rí tí táyà kan ti já sí gọ́tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ dà á ní ẹ̀là ẹ̀là tó ṣeé gbé, kí ẹ fi ìkọ́ irin sí i, kí wọ́n lè ṣí i kó ìdọ̀tí. Ẹ má sì jẹ́ kí isàlẹ̀ rẹ̀ há ju gọ́tà fúnra rẹ̀ lọ. Ìbàdàn tó rí ìkún omi oṣù kẹjọ ọdún 2011 kò nílò kí ẹnikẹ́ni tún di gọ́tà sí i.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, ẹ wá wo bí gíga yóò ṣe rí. Ní ẹnu géètì, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ fi sẹ̀ǹtímítà 15 ga ju títì lọ. Láti ibẹ̀, mítà 7 ìyípo á gun 1 nínú 20, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 35. Mítà 5 tí ọkọ̀ ń dúró sí á gun 1 nínú 40, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 12. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 62. Ilẹ̀ ilé yín wà ní mítà 1.2, ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 45 gbé fẹ́ráńdà ga ju ilẹ̀ lọ, mítà 1.65 nìyẹn. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ju mítà 1 lọ díẹ̀, àtẹ̀gùn méje á gbé e. Kò sí ibì kankan nínú àgbàlá tí ikùn ọkọ̀ lè kan ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ tí ẹ gbàgbé láti fa bíréèkì ọwọ́ rẹ̀ kò ní sá lọ bí ẹni tí ajá ń lé. Ní ẹ̀gbẹ́ ilé, ẹ jẹ́ kí ibi tí Háílọ́ọ̀sì ń sùn, tó mítà 6, wà ní ìpele kan náà pẹ̀lú iwájú, kí ọ̀nà tó wá gun ilẹ̀ ẹ̀yìn ní 1 nínú 12.

Géètì alápá méjì tó ń ṣí sínú kò bá ilẹ̀ tó ń gòkè mu. Apá kan rẹ̀ á gùn tó mítà 2.1, ní 1 nínú 20, ilẹ̀ á ti fi sẹ̀ǹtímítà 10 ga sí i kí apá náà tó ṣí tán. Tàbí kó kanlẹ̀, tàbí kí ẹ fi àlàfo sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ tí ológbò àti ejò á máa gbà wọlé. Géètì tó ń yọ́ lórí irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì ni kí ẹ ṣe, kó máa yọ́ sí apá òsì, níbi tí fẹ́ǹsì yín ti gùn ju mítà 10 lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí wọ́n máa gbá iyanrìn kúrò lórí irin rẹ̀. Àǹfààní rẹ̀ míì ni pé ó ń yá ṣí. Ìyẹn ṣe pàtàkì fún yín, torí ẹ kò ní mítà 5 níwájú géètì tí ọkọ̀ lè dúró sí láìdí títì.

Omi àgbàlá á máa ṣàn wá sí ẹnu géètì. Ẹ fi gọ́tà kékeré tó ní irin asẹ́ lórí dábùú ibẹ̀ nínú ọgbà, kí páìpù gbé omi náà lọ sí gọ́tà títì. Íńtálọ́kì sẹ̀ǹtímítà 6 tó fún ibi tí ọkọ̀ kékeré ń dúró sí. Ojú ọ̀nà tí tàǹkà máa gbà, sẹ̀ǹtímítà 8 ni kí ẹ lò.

Ohun kan wà nínú ètò yìí tó ń gba owó, n kò ní fi pamọ́ fún yín. Bí ẹ bá gé àgbàlá wálẹ̀, ilẹ̀ aládùúgbò lọ́tùn-ún lósì yóò ga ju tiyín lọ ní sẹ̀ǹtímítà 60 sí mítà 1. Fẹ́ǹsì bùlọ́ọ̀kù lásán kò lè di ilẹ̀ mú. Bí òjò bá rọ̀ tí ilẹ̀ náà mu omi, á wó. Ní àgbàlá iwájú náà, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ní láti jẹ́ ògiri kọnkéré tó ní irin nínú, tó sì ní ihò tí omi á máa gbà jáde. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ẹ̀bá ìpìlẹ̀ fẹ́ǹsì aládùúgbò lẹ́ẹ̀kan náà. Kí wọ́n máa gbẹ́ ẹ ní apá kúkúrú kúkúrú, kí wọ́n kọ́ ọ kí wọ́n tó gbẹ́ òmíràn. Ìpìlẹ̀ ilé níwájú àti ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún náà ní láti jìn sí i, ká máa kà á láti orí ilẹ̀ tí ẹ ti gé, kì í ṣe láti orí ilẹ̀ ti àná. Injiníà ni kó ṣe ìṣirò ògiri àti ìpìlẹ̀ yìí. Bí ẹ bá sì ti gba ìwé àṣẹ ìkọ́lé tẹ́lẹ̀, àwòrán tuntun gbọ́dọ̀ padà síbẹ̀, torí ilé ti kúrò ní ipò tí wọ́n fọwọ́ sí.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni, ẹ ṣe nǹkan méjì. Àkọ́kọ́, ẹ fi róbà omi tó mọ́ gaara, èyí tí àwọn bíríkìlà fi ń wọn ìpele, wọn gíga ilẹ̀ yín láti títì ní ibi mẹ́ta: ẹnu géètì, iwájú ilé, àti ẹ̀yìn. "Ẹsẹ̀ 4" tí wọ́n fi ojú wò máa ń di 3 tàbí 5 bí róbà bá dé e, gbogbo iye tí mo kọ yìí á sì yí padà. Èkejì, ẹ lọ sí pápá kan tó tẹ́jú lọ́jọ́ Àìkú, ẹ fi okùn àti èèkàn ya géètì, fẹ́ǹsì iwájú, àyè mẹ́ta àti etí títì mítà 5 síbẹ̀, kí ẹ fi àgbá dúró fún òpó. Ẹ gbé Háílọ́ọ̀sì wọ inú rẹ̀, kí ẹ sì yá Kámírì ẹnì kan. Àgbá tí ẹ bá fi ọkọ̀ bì ṣubú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ibẹ̀ ni kí ẹ ti fi sẹ̀ǹtímítà kún àwòrán.